Ọjà náà ní ọjọ́ orí: bí a ṣe ń mọ ibi tó dé, àti iṣẹ́ tó yẹ ní ibẹ̀

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin bẹ̀rẹ̀ sí í ta omi atalẹ̀ tí a fi ọ̀pẹ̀ òyìnbó lú ní Àjàṣẹ́, mo bá a ra kàyé kan ní ọjà Wàndó. Kàyé yẹn ló jẹ́ ká mọ ìgbà tó yẹ kó náwó, ìgbà tó yẹ kó di ọwọ́ mú, àti ìgbà tó yẹ kó jáwọ́. Òun ni màá fi ṣe àpẹẹrẹ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, nítorí kò sí ohun tó wà nínú rẹ̀ tí aláte kan ní Kétu tàbí ní Sábẹ̀ kò lè ṣe pẹ̀lú bírò lásán.

Ní 1965, Theodore Levitt, olùkọ́ ní Yunifásítì Harvard, ṣàlàyé fún àwọn oníṣòwò pé ọjà máa ń la ìgbà mẹ́rin kọjá. Ìgbà àkọ́yọ ni àwọn èèyàn kò tíì mọ̀ ọ́n. Ní ìgbà ìdàgbà, wọ́n ń wá a kiri. Ní ìgbà àgbà, ẹni tó máa rà á ti mọ̀ ọ́n tán, títà rẹ̀ sì dúró sójú kan. Ní ìgbà ìrẹ̀yìn, wọ́n ń fi í sílẹ̀ lọ síbòmíràn. A ti fi ojú ara wa rí i lára àtùpà elépo ìtànná: ilé wo ni kò sí nígbà kan? Lónìí, iná tọ́ọ̀ṣì àti iná oòrùn ti gba ipò rẹ̀ ní abúlé púpọ̀.

Orúkọ ìgbà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kò ṣòro láti kọ́. Ohun tó ṣòro ni kí èèyàn mọ èyí tó wà nínú rẹ̀ nígbà tó ṣì wà nínú rẹ̀. Owó tí mo rí tó ń ṣòfò lọ́wọ́ àwọn obìnrin wa, ibẹ̀ ló pọ̀ sí: wọ́n ń ṣe iṣẹ́ ìgbà kan ní ìgbà mìíràn.

Kí o tó ṣe ohunkóhun, la kàyé sí ọ̀nà mẹ́rin

Ọ̀nà kìíní fún ọjọ́. Èkejì fún ibi tí ọjà lọ. Ẹ̀kẹta fún iye tó kúrò lọ́wọ́ rẹ. Ẹ̀kẹrin fún iye tí ẹni tó máa mu ún rà gan-an. Ọ̀nà kẹrin yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn kì í ní, òun sì ni ojú kàyé.

Ní oṣù àkọ́kọ́, ẹ̀gbọ́n mi gbé ìgò 200 fún bùtíìkì 14. Inú rẹ̀ dùn, ó ní ọjà ti yá. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, a jọ yí gbogbo wọn ká, a ka ohun tó ṣẹ́ kù: ìgò 121 ṣì wà lórí pẹpẹ, àwọn kan tilẹ̀ ti ń hó nítorí pé wọn kò sí nínú fíríìjì. Ìgò 79 péré ni àwọn èèyàn rà. Àwọn onítajà ló gba 200, kì í ṣe ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ. Tó bá jẹ́ pé 200 ló kọ sílẹ̀, ì bá ti se 300 sí i lọ́sẹ̀ kejì.

Nítorí náà, nígbàkígbà tó o bá gbé ọjà lọ, kọ́kọ́ ka èyí tó wà nílẹ̀. Yọ ọ́ kúrò nínú iye tó o gbé wá tẹ́lẹ̀. Ohun tó kù ni títà. Gbogbo ohun tí màá sọ láti ibí lọ, orí ọ̀nà kẹrin yẹn ló dúró lé.

Kọ iye tí ìgò kan ná ọ sí ẹ̀yìn kàyé náà pẹ̀lú. Ti ẹ̀gbọ́n mi nìyí: èso, ṣúgà, èédú, ike, ìdérí, ìwé orúkọ tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ara ìgò, àti owó ọlọ́kadà, gbogbo rẹ̀ jẹ́ 170 sẹ́fà fún ìgò tó gba sẹ̀ǹtílítà 33. Ó ń fún bùtíìkì ní 250, bùtíìkì ń tà á ní 300. Èrè rẹ̀ lórí ìgò kan jẹ́ 80.

Ìgbà àkọ́yọ: wá ẹni tó máa padà wá

Ní ìgbà yìí, ìbéèrè kan ṣoṣo ló wà: ẹni tó rà á lẹ́ẹ̀kan, ṣé ó tún rà á? Títà àkọ́kọ́ kò sọ nǹkan kan fún ọ, nítorí pé ẹbí, ará àdúgbò àti ẹni tó fẹ́ fi ẹnu kàn án ló kún inú rẹ̀.

Bí a ṣe wádìí rẹ̀ nìyí. A dín bùtíìkì 14 kù sí mẹ́fà, àwọn tó ní fíríìjì tó ń ṣiṣẹ́ tí a sì lè fi ẹsẹ̀ rìn dé. A kọ ọgbọ̀n èèyàn tó rà á ní ọ̀sẹ̀ méjì sílẹ̀, bí a ṣe mọ̀ wọ́n: ìyá oníbúrẹ́dì, olùkọ́ ilé-ìwé ẹ̀gbẹ́ mọ́sálásí, bàbá tó ń tún rédíò ṣe. Ní ọ̀sẹ̀ méjì tó tẹ̀ lé e, a fi àmì sí iwájú ẹni tó bá padà. Mẹ́sàn-án péré ló padà nínú ọgbọ̀n.

Níbí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti máa ń lọ san owó fún rédíò tàbí kí wọ́n tẹ bébà ìpolówó. Ìyẹn kò ní ṣe é láǹfààní: bí wọ́n bá pe ọgọ́rùn-ún èèyàn wá mu ohun tí ẹni mẹ́sàn-án nínú ọgbọ̀n péré fẹ́ràn, ńṣe ni wọ́n ń sanwó kí àwọn tó kù lè mọ̀ pé kò dùn. A bi àwọn tí kò padà. Ìdáhùn tó wọ́pọ̀ jù ni pé atalẹ̀ náà ta àwọn ọmọ lẹ́nu, ìyá kò sì ní ra ohun tí òun nìkan máa mu. Ẹ̀gbọ́n mi dín atalẹ̀ kù láti 250 gíráàmù sí 150 nínú lítà mẹ́wàá. A tún ka ọgbọ̀n èèyàn mìíràn, 17 sì padà.

Òṣùwọ̀n tèmi, láti inú ohun tí mo ti rí, ni pé tí ẹni tó padà kò bá tó ìdá kan nínú mẹ́ta, ọjà ló yẹ kí o tún ṣe, kì í ṣe ìpolówó. Tó bá ti kọjá ìdajì, ìgbà yẹn ni kí o ná owó kí àwọn ẹlòmíràn lè tọ́ ọ wò. Èyí tó dára jù fún ohun mímu ni kí o gbé e tutù lọ síbi tí èèyàn ti ń làágùn, kí o fi ife kékeré bù ú fún wọn. Ìgò mẹ́wàá tí a fi tọ́ni lẹ́nu wò ná wa ní 1,700 sẹ́fà.

Iye tí wàá kọ́kọ́ tà á wé mọ́ ìgbà yìí. Àwọn kan máa ń bẹ̀rẹ̀ ní iye gíga kí wọ́n lè rí owó wọn padà kíákíá. Ó dára fún ohun tí ẹlòmíràn kò lè tètè ṣe. Àwọn kan máa ń bẹ̀rẹ̀ ní iye tó wálẹ̀ gan-an kí wọ́n lè gba ọjà kún ọwọ́. Ó dára fún ẹni tó lè ṣe ọ̀pọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tó ń fi ìkòkò méjì se omi atalẹ̀ kò sí nínú ẹgbẹ́ méjèèjì. Iye àárín, tó fi èrè sílẹ̀, tí kò sì ní yí padà ní oṣù mẹ́ta, ló bá a mu.

Ìgbà ìdàgbà: owó lè tán lọ́wọ́ ẹni tí ọjà rẹ̀ ń yá

Wàá mọ̀ pé o ti wọ ibẹ̀ nígbà tí onítajà bá rán ọmọ sí ọ kó tó di ọjọ́ tó o máa ń gbé ọjà wá, àti nígbà tí ẹni tó o kò sọ fún bá ń dárúkọ ohun tó ò ń tà. Nínú kàyé wa, títà ọ̀sẹ̀ kan gbéra láti 90 dé 260 láàárín oṣù mẹ́rin.

Ewu rẹ̀ kò hàn lójú. Ìgò 260 lọ́sẹ̀, ní 170, jẹ́ 44,200 sẹ́fà tí ẹ̀gbọ́n mi gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ná. Bí bùtíìkì bá ń sanwó lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, 88,400 sẹ́fà rẹ̀ ń bẹ níta nígbà gbogbo, bẹ́ẹ̀ sì ni alágbàtà ike kò gba àwìn. Lọ́sẹ̀ kan, kò rí owó ike san, kò sì se nǹkan kan, nígbà tí àwọn èèyàn ń béèrè. Èèyàn lè pàdánù ọjà tó ń dàgbà lọ́nà yìí, nítorí pé ẹni tó wá tí kò bá a yóò mu ti ẹlòmíràn, ó sì lè fẹ́ràn rẹ̀.

Ìlànà tí a gbé kalẹ̀ ni pé, kí o tó gba tuntun, san ti àtijọ́. Bùtíìkì mẹ́ta kọ̀, a fi wọ́n sílẹ̀. Àwọn tó kù gbà, nítorí pé ọjà ń yá, àwọn náà kò sì fẹ́ kí ó wọ́n lọ́wọ́ wọn. Ìgbà ìdàgbà nìkan ni o lè fi irú òfin bẹ́ẹ̀ lélẹ̀ kí wọ́n gbà á.

Ìgbà yìí náà ni àwọn aláfarawé máa ń dé. Levitt sọ ọ́ nínú ohun tó kọ ní 1965 pé ọ̀pọ̀ oníṣòwò máa ń dúró kí ẹlòmíràn kọ́kọ́ gé èso náà jẹ, kí wọ́n tó wá gé tiwọn. Bí ọjà bá sì ti yá fún ọ, wọ́n ti rí i pé èso náà kò ní májèlé. Nítorí náà, kí wọ́n tó dé ni kí orúkọ rẹ ti wà lára ìgò, kí ó jẹ́ àwọ̀ kan náà, ibi kan náà, lójoojúmọ́. Ẹni tó bá fẹ́ kí òfin dáàbò bo orúkọ náà lè fi í sílẹ̀ lọ́dọ̀ OAPI, àjọ tí Bẹ̀nẹ̀ àti orílẹ̀-èdè 16 mìíràn jọ wà nínú rẹ̀. Ọdún mẹ́wàá ni ààbò náà, a sì lè tún un ṣe. Fún ìkòkò méjì, owó rẹ̀ pọ̀ jù. Fún ẹni tó ti ń ta dé Kútọnú, ó yẹ kó wádìí rẹ̀.

Má dín iye kù ní ìgbà yìí, má sì fi oríṣi mìíràn kún un. Ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ fi omi ìṣápá kún un nígbà tí ti atalẹ̀ gan-an kò tó. Mo bẹ̀ ẹ́ kó dúró, ó sì dúró. Ohun tó yẹ kó ṣe ni kí adùn ìgò tòní má yàtọ̀ sí ti àná.

Ìgbà àgbà: ibi tí ìṣirò ti ń gbani

Fún oṣù márùn-ún, títà wa ń lọ láàárín 310 sí 330 lọ́sẹ̀. A fi bùtíìkì mẹ́rin kún un, àpapọ̀ kò gbéra. Nígbà tí mo wo kàyé, ohun tí bùtíìkì tuntun tà ni bùtíìkì tó wà ní òpópó kejì sí i pàdánù. Àmì ìgbà àgbà tó dá mi lójú jù nìyẹn. Àwọn tó ń mu ún kò pọ̀ sí i mọ́, ibi tí wọ́n ti ń rà á ló ń yí padà.

Ní àkókò kan náà, ìgò ẹlòmíràn dé orí pẹpẹ ní 250, níbi tí tiwa ti jẹ́ 300. Ẹ̀gbọ́n mi sọ pé, «Jẹ́ kí èmi náà dín iye kù.» Mo ní ká kọ́kọ́ ṣe ìṣirò. Ìgò 320 lọ́sẹ̀, èrè 80 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, jẹ́ 25,600 sẹ́fà. Bí ó bá fún bùtíìkì ní 220 dípò 250, èrè di 50. Kí ó tó rí 25,600 yẹn padà, ó gbọ́dọ̀ ta 512 lọ́sẹ̀. Ìkòkò méjì kò lè se é, Àjàṣẹ́ kò sì fi hàn pé ó fẹ́ ẹ. Ọjọ́ kejì ni aláfarawé náà yóò sì tún dín tirẹ̀ kù. Ṣe ìṣirò yìí kí o tó fọwọ́ kan iye: èrè ọ̀sẹ̀ kan lónìí, pín in fún èrè tuntun lórí ìgò kan. Iye tó bá jáde ni wàá ní láti máa tà. Wo ìkòkò rẹ, kí o wo ọjà, kí o wá pinnu.

Ohun tí a ṣe dípò rẹ̀ ni pé a wá ọ̀nà tí ẹni tó ti mọ̀ ọ́n yóò fi mu ún níbi tí kò ti ń mu ún tẹ́lẹ̀. A bẹ̀rẹ̀ kẹ́ẹ̀gì lítà márùn-ún fún ìkómọ, ìgbéyàwó àti ìsìnkú. Kò sí ike kékeré mẹ́ẹ̀ẹ́dógún láti rà, kò sí bùtíìkì láàárín. A tà á ní 3,500 sẹ́fà, ó ná wa ní 1,900, èrè jẹ́ 1,600 lórí kẹ́ẹ̀gì kan, bí ẹni ta ogún ìgò. Ẹni tó pe òde ló ń sanwó, àwọn àlejò rẹ̀ ló sì ń polówó fún wa.

A tún wo bùtíìkì kọ̀ọ̀kan. Méjì tó jìnnà jù ń ta ìgò mẹ́jọ lọ́sẹ̀, èrè 640. Lílọ bíbọ̀ ọlọ́kadà sí apá ibẹ̀ jẹ́ 800, ó sì ju ohun tí mo ti kà sínú 170 lọ. A jáwọ́ níbẹ̀. Títà dín kù ní mẹ́jọ, owó tó ń wọlé sì pọ̀ sí i.

Ohun kẹta tí a ṣe ni pé a lọ sí ìlú mìíràn, ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn sì ń gbàgbé ni pé ọjọ́ orí ọjà kì í bá a rin ìrìn-àjò. Omi atalẹ̀ tó ti gbó ní Àjàṣẹ́ di ọmọ tuntun nígbà tó gba Ìtakété àti Pọ́bẹ̀ kọjá dé Kétu. Ẹ̀gbọ́n mi kọ́kọ́ gbé 150 lọ ní ọjọ́ ọjà kan ṣoṣo, bí ẹni pé wọ́n ti ń retí rẹ̀. Ìgò 96 ló gbé padà. Ó ní láti bẹ̀rẹ̀ láti orí kíka ogún tàbí ọgbọ̀n èèyàn.

Ìgbà ìrẹ̀yìn: rí i dájú kí o tó gbà

Nígbà tí títà bá ń wálẹ̀, ẹ̀rù máa ń bani, ẹni tí ẹ̀rù bá sì lè pa ọjà tó ṣì lè yè. Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ọṣẹ ìfọyín kan wà tó ń jẹ́ Ipana. Ilé iṣẹ́ ńlá tó ni ín fi í sílẹ̀ ní 1968. Ọkùnrin méjì gba orúkọ náà, wọn kò polówó rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, wọ́n sì tà á tó 250,000 dọ́là ní oṣù méje àkọ́kọ́. Àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ kò kú. Ẹni tó ń ṣe é ló sú.

Nítorí náà, bi ara rẹ ní ìbéèrè mẹ́ta, bí wọ́n ṣe tẹ̀ léra yìí.

Àkọ́kọ́: ṣé kì í ṣe àkókò ọdún? Omi tútù kì í yá ní àsìkò òjò bó ṣe ń yá nínú ooru. Fi oṣù yìí wé oṣù kan náà lọ́dún tó kọjá, má fi wé oṣù tó ṣáájú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀fìn kan wà níbẹ̀ fún àwa tí à ń tà fún àwọn tó ń ṣínu. Ààwẹ̀ Ramadan máa ń fi nǹkan bí ọjọ́ 11 wá síwájú lọ́dọọdún: ọ̀sẹ̀ kejì Oṣù Kẹta ló bẹ̀rẹ̀ ní 2024, ìbẹ̀rẹ̀ Oṣù Kẹta gan-an ni ní 2025. Ẹni tó bá fi Oṣù Kẹta wé Oṣù Kẹta láìwo ààwẹ̀ yóò rò pé ọjà gbéra tàbí pé ó wó, nígbà tó jẹ́ pé oṣù ló yí. Fi ààwẹ̀ wé ààwẹ̀.

Èkejì: ṣé kì í ṣe ohun kan láti ìta ló ṣẹlẹ̀? Nígbà tí Nàìjíríà ti bodè ilẹ̀ ní Oṣù Kẹjọ 2019, tí wọn kò sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí i títí di Oṣù Kejìlá 2020, ọ̀pọ̀ ọjà ní Àjàṣẹ́ àti ní Kétu dẹ́kun títà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni kórìíra wọn. Irú ìyẹn kì í ṣe ogbó. Owó ni kí o pa mọ́ títí yóò fi kọjá.

Ẹ̀kẹta: ṣé tèmi nìkan ló ń wálẹ̀, tàbí ti gbogbo wa? Béèrè lọ́wọ́ onítajà bóyá ìgò aláfarawé ń tà. Bó bá ń tà, ọjà kò kú. Ìwọ ni wọ́n fi sílẹ̀, lọ wo adùn rẹ. Bí tirẹ̀ náà bá ń wálẹ̀, tí àwọn èèyàn sì ń ra ohun mìíràn tó yàtọ̀ pátápátá, ìgbà ìrẹ̀yìn dé nìyẹn.

Ti wa dé lọ́dún kẹta. Ìgò kékeré wálẹ̀ láti 320 sí 240, lẹ́yìn náà sí 170, nínú ààwẹ̀ àti lẹ́yìn ààwẹ̀. Ìgò aláfarawé náà tí wọ́n ń tà ní 250 ń rọgbọ̀kú lórí pẹpẹ. Wàrà sóyà tútù ni àwọn ọmọ ilé-ìwé ń rà. Kẹ́ẹ̀gì òde kò wálẹ̀ ní tirẹ̀.

Iṣẹ́ ìgbà yìí ni kí o kó èrè tó kù láìtún sọ owó tuntun sínú rẹ̀. A dá ìtọ́wò ọ̀fẹ́ dúró. A di bùtíìkì márùn-ún tó ń tà dáadáa mú, a yọ àwọn yòókù. A fi 20 sẹ́fà lé iye tí à ń fún wọn, nítorí pé àwọn tó ṣì ń mu ún ni àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Ẹni méjì péré ló ráhùn. Àṣìṣe kan wà tí a ṣe: oṣù méjì ṣáájú, nítorí pé owó títẹ ẹgbẹ̀rún mẹ́rin fi díẹ̀ péré ju ti ẹgbẹ̀rún kan lọ, ẹ̀gbọ́n mi ti tẹ ìwé orúkọ 4,000. Nígbà tí ọjà bá ti dúró sójú kan fún oṣù mẹ́ta, iye tó máa tán láàárín oṣù kan ni kí o máa tẹ̀, bó tilẹ̀ wọ́n jù.

Ohun tó kẹ́yìn ni gbèsè, èyí sì gba ìṣọ́ra. Òfin wa ni pé kí wọ́n san ti àtijọ́ kí wọ́n tó gba tuntun. Ọjọ́ tó o bá sọ pé kò sí tuntun mọ́, kò sí ohun tó ń mú kí wọ́n san ti àtijọ́. Nítorí náà, má kéde pé o ń jáwọ́. Dín iye tó ò ń gbé wá kù díẹ̀díẹ̀: 24, lẹ́yìn náà 12, lẹ́yìn náà mẹ́fà, kí o máa gba owó tẹ́lẹ̀ nígbà kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó bá ku mẹ́fà, gba owó rẹ̀ lọ́wọ́ lọ́wọ́. Bùtíìkì mẹ́rin nínú méje tí a yọ san tán. Mẹ́ta tí a ti sọ fún kí a tó mọ ọgbọ́n yìí ṣì jẹ wá ní 14,500 sẹ́fà.

Ìwé orúkọ tó kù ń bọ̀ wá wúlò ní Kétu. Lẹ́yìn tí a ti padà bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ bó ṣe yẹ, èèyàn 11 nínú ogún àkọ́kọ́ ló padà wá rà á. Bùtíìkì mẹ́rin ni a ń gbé e fún báyìí, gbogbo wọn ní fíríìjì.